THC, CBD, igbó oníwèé dókítà àti igbó ìgboro: bí ẹ ṣe máa mọ èyí tó wà lọ́wọ́ yín

Ìyá kan tó máa ń gba oògùn lọ́dọ̀ mi ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù wọlé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó ní kí n wò ó. Ojú ibẹ̀ dú, ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́, bí ẹni pé wọ́n fi igi lù ú.

"Ọmọ mi, mi ò ṣubú o. Mi ò sì forí tàbí apá gbá nǹkan kan."

Ó ní nígbà tí òun ń run orín láàárọ̀, ẹ̀jẹ̀ ń jáde láti erìgì òun, kò sì tètè dá. Mo mọ̀ pé wáfarínì ló ń lò, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, nítorí ẹ̀jẹ̀ ti dì sí i lẹ́sẹ̀ rí. Mo bi í pé, "Mà, kí ni ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí lò?" Ó ní kò sí. Mo tún béèrè, mo ní kì í ṣe oògùn nìkan ni mò ń béèrè, àgbo ńkọ́, fítámì ńkọ́, òróró ńkọ́? Ló bá tọwọ́ bọ àpò, ó mú ìgò kékeré kan jáde. Ohun tí wọ́n kọ sí i lára ni CBD, 500 mg, 10 ml. Ó ní nítorí orúnkún òun ni, ẹni tó tà á fún òun sì ti fọkàn òun balẹ̀ pé kì í ṣe igbó.

Ẹni yẹn kò purọ́ pátápátá, kò sì sọ òtítọ́ tó. Nítorí ọ̀rọ̀ ìgò yẹn ni mo ṣe jókòó kọ èyí, torí ìbéèrè tí àwọn ènìyàn wa máa ń bi mí lórí káńtà ni pé "ṣé igbó ni àbí kì í ṣe igbó?" Ìbéèrè yẹn kò lè ràn yín lọ́wọ́. Mẹ́ta ló yẹ kí ẹ máa béèrè: èwo ló wà nínú rẹ̀, mílígíráàmù mélòó ni, ta ló sì fi ọwọ́ sí i pé ohun tó wà lára ìgò ló wà nínú ìgò?

Táíwò àti Kẹ́hìndé tí ìwà wọn kò jọ

Ara ewéko kan náà ni THC àti CBD ti ń wá, ewéko tí a ń pè ní igbó. Èròjà tó jọ irú wọn nínú ewéko náà lé ní ọgọ́rùn-ún, ṣùgbọ́n àwọn méjì yìí ni ìròyìn wọn pọ̀ jù. Bí ẹ bá ní kí onímọ̀ kẹ́míkà kọ wọ́n sílẹ̀, ohun kan náà ni yóò kọ fún àwọn méjèèjì: C21H30O2. Ìyàtọ̀ wọn kò ju pé òrùka kan pa dé lára THC, tí òrùka yẹn sì ṣí sílẹ̀ lára CBD. Roger Adams yọ CBD sọ́tọ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1940. Ọdún 1964 ni Raphael Mechoulam àti Yechiel Gaoni tó yọ THC sọ́tọ̀ ní Ísírẹ́lì, wọ́n sì sọ bó ṣe rí gan-an.

Òrùka kékeré yẹn ló dá gbogbo wàhálà sílẹ̀. Inú ọpọlọ wa kún fún ohun kan tó dà bí ojú àgádágodo, tí wọ́n ń pè ní CB1. Ó pọ̀ níbi tí a fi ń rántí nǹkan, níbi tí a fi ń mọ̀ bóyá àkókò ń yára tàbí ó ń falẹ̀, níbi tí ebi ti ń wá, àti níbi tí a ti ń darí ọwọ́ àti ẹsẹ̀. THC wọ ojú àgádágodo yìí, ó sì ń yí i. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó mu igbó fi ń rẹ́rìn-ín sí ohun tí kò pani lẹ́rìn-ín, tí ìṣẹ́jú márùn-ún fi ń dà bí wákàtí lójú rẹ̀, tí ebi ń pa á, tí àyà rẹ̀ ń lù kìkì, tí ẹ̀rù sì lè bà á láìsí ohun tó ń lé e. Ibẹ̀ náà ni agbára rẹ̀ láti dín ìrora kù ti ń wá, àti agbára rẹ̀ láti dá èébì dúró.

CBD kì í bọ́ sí ojú àgádágodo yẹn dáadáa. Ọ̀nà mìíràn ló ń gbà ṣiṣẹ́, lára àwọn ohun tó ń darí iná tó ń ṣẹ́ láti iṣan dé iṣan, kì í sì í pani bí ọtí. Ẹ lè lò ó kí ẹ sì lọ ka Bíbélì yín láìsí pé lẹ́tà ń fò. Ṣùgbọ́n pé nǹkan kan kò pani kò túmọ̀ sí pé kò ṣe nǹkan kan nínú ara. Ibi tí ìyá yẹn ti kó sínú wàhálà nìyẹn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀ ìyá náà

Ẹ jẹ́ ká ka ìgò yẹn pọ̀. Mílígíráàmù 500 ti CBD wà nínú mìlílítà 10. Ìyẹn ni pé mílígíráàmù 50 ló wà nínú mìlílítà kan. Bí ẹ bá ń kán an díẹ̀díẹ̀, nǹkan bí ẹ̀kán 20 ló ń di mìlílítà kan, nítorí náà ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan jẹ́ mílígíráàmù 2.5.

Àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ ní Bìrìtéènì sọ ní oṣù kẹwàá ọdún 2023 pé kí àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le má ṣe lò ju mílígíráàmù 10 ti CBD lójúmọ́, irú èyí tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù. Kí ó tó di ìgbà yẹn, 70 ni wọ́n sọ. Ohun tó mú wọn já a lulẹ̀ ni ẹ̀rí tó ń jáde pé lílò rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ lè pa ẹ̀dọ̀ lára. Mílígíráàmù 10 yẹn, ẹ̀kán mẹ́rin péré ni nínú ìgò ìyá wa.

Mo bi í bó ṣe ń lò ó. Ó ní òun ń fa ọ̀pá ìkán oògùn kún dé òkè, òun ń tú u sí abẹ́ ahọ́n láàárọ̀, òun tún ń ṣe bẹ́ẹ̀ lálẹ́. Mìlílítà méjì lójúmọ́ nìyẹn, mílígíráàmù 100, ìlọ́po mẹ́wàá ohun tí wọ́n ní kí ẹni tí ara rẹ̀ le máà kọjá. Ìyá yìí kì í sì í ṣe ẹni tí ọ̀rọ̀ yẹn wà fún, nítorí oògùn wà lára rẹ̀.

Ẹ̀dọ̀ ló ń tú wáfarínì palẹ̀ kúrò nínú ara, òṣìṣẹ́ kan pàtó nínú ẹ̀dọ̀ ló sì ń ṣe é. CBD máa ń dí òṣìṣẹ́ yẹn lọ́wọ́. Ìyá wa ń gbé oògùn wáfarínì kan náà mì bó ṣe ń gbé e mì láti ọdún tó kọjá, ṣùgbọ́n èyí tó yẹ kó ti jáde lánàá ṣì wà níbẹ̀ nígbà tí tòní dé, wọ́n ń gun ara wọn lórí. Nọ́ńbà inú ìwé kékeré aláwọ̀ yẹ́lò tí wọ́n fi ń kọ bí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣe ń pẹ́ tó kó tó dì ti wà láàárín 2 sí 3 fún oṣù púpọ̀. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ó ti di 5.1. Ní irú ipò bẹ́ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ lè máa jáde sínú ikùn tàbí sínú orí láìsí ẹni tó rí i. Dókítà dá wáfarínì rẹ̀ dúró fún ìgbà díẹ̀, ó sì ní kí ìgò náà má padà sílé.

Kì í ṣe wáfarínì nìkan. Bí ẹ bá ń lo oògùn wárápá, oògùn tí kì í jẹ́ kí ara kọ kíndìnrín tí wọ́n pààrọ̀ fún yín, tàbí oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, ẹ fi CBD han ẹni tó ń ta oògùn fún yín kí ẹ tó ṣí i. Ẹ má ṣe tijú nítorí pé ọ̀rọ̀ igbó ni. Kò sí apoògùn gidi tí yóò wo yín bí ọ̀daràn.

Ti orúnkún ńkọ́? NICE, àjọ tó ń gba àwọn dókítà NHS nímọ̀ràn, sọ ní oṣù kọkànlá ọdún 2019 pé kí dókítà má fún àgbàlagbà ní CBD fún ìrora ọlọ́jọ́ pípẹ́, àfi bí ó bá jẹ́ pé inú ìwádìí ni wọ́n wà. Ẹ̀rí pé ó ń ṣiṣẹ́ kò tó. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí nígbà tí mo sọ ọ́ fún ìyá náà, torí pé ó ti ná owó oúnjẹ sórí rẹ̀.

Ibi tí CBD ti di oògùn gidi

Ẹ má wá rò pé mò ń bú CBD. Oògùn gidi ni, ṣùgbọ́n oògùn yẹn àti ìgò ṣọ́ọ̀bù kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn.

Irú wárápá kan wà tó máa ń bẹ̀rẹ̀ láti kékeré, tí wọ́n ń pè ní Dravet. Gìrì rẹ̀ kì í gbọ́ oògùn. Ìwádìí kan tó jáde ní ọdún 2017 kó ọmọ 120 jọ, wọ́n fún àwọn kan ní CBD tó mọ́, wọ́n fún àwọn yòókù ní òróró lásán. Lára àwọn tó gba CBD, gìrì tó ń mú wọn nǹkan bí 12 lóṣù wá sí nǹkan bí 6. Lára àwọn tó gba òróró lásán, láti nǹkan bí 15 ló kan wá sí 14. Ẹni tí ó bá ti di ọmọ mú lójú gìrì mọ ohun tí mẹ́fà tó kù yẹn túmọ̀ sí. Oògùn tó jáde láti inú iṣẹ́ yẹn ni Epidyolex, àwọn dókítà NHS sì ń kọ ọ́ fún Dravet àti fún oríṣi wárápá mélòó kan mìíràn.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣe ìṣirò ọmọ kan tó wúwo tó kílógíráàmù 20. Dókítà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti mílígíráàmù 2.5 fún kílógíráàmù kan, lẹ́ẹ̀méjì lóòjọ́. Mílígíráàmù 50 láàárọ̀ nìyẹn, 50 lálẹ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ó di 100 láàárọ̀ àti 100 lálẹ́. Nínú Epidyolex, mílígíráàmù 100 wà nínú mìlílítà kan, nítorí náà mìlílítà kan láàárọ̀ àti ọ̀kan lálẹ́ ti tó.

Bí òbí bá ní òun máa fi ìgò ṣọ́ọ̀bù bíi ti ìyá wa ṣe é, mìlílítà mẹ́rin ni yóò máa lọ lójúmọ́. Ìgò náà yóò tán lẹ́yìn ọjọ́ méjì àti ààbọ̀. Bí ó bá tẹ̀ lé mílígíráàmù 10 tí àjọ oúnjẹ sọ, tó kán ẹ̀kán mẹ́rin, ìdá kan nínú ogún ohun tí ọmọ nílò ló fún un. Nínú ọ̀nà méjèèjì, kò sí èyí tó dáa. Ó tún ku ohun kan tí ṣọ́ọ̀bù kì í ṣe: dókítà máa ń yẹ ẹ̀dọ̀ ọmọ náà wò kó tó bẹ̀rẹ̀ àti lẹ́yìn tó bẹ̀rẹ̀, pàápàá bí ọmọ náà bá ń lo falipuróétì, oògùn wárápá mìíràn, nítorí àwọn méjèèjì lè jọ da ẹ̀dọ̀ láàmú. Bí ó bá ń lo kilobásáàmù, tí òun náà jẹ́ oògùn wárápá, ọmọ náà lè máa sùn jù, torí CBD ń jẹ́ kí kilobásáàmù pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀. Oúnjẹ pàápàá ń yí i padà. Bí wọ́n bá jẹ oúnjẹ tó lọ́ràá kí wọ́n tó lò ó, ohun tó ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ lè di ìlọ́po mẹ́rin. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ní kí òbí yan ọ̀nà kan, bóyá pẹ̀lú oúnjẹ tàbí láìsí oúnjẹ, kí wọ́n má sì yí i padà.

THC ní ọwọ́ dókítà àti THC ní ìgboro

Láti ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 2018 ni òfin Bìrìtéènì ti gbà kí dókítà kọ igbó fún aláìsàn. Ohun tó fa ìyípadà yẹn kò pẹ́ lójú àwa tó wà níbẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún náà, wọ́n gba òróró igbó ọmọkùnrin ọdún 12 kan tó ní wárápá lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú Heathrow, gbogbo ìlú sì dìde sí ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n òfin tó dé kò sọ pé kí dókítà ẹ̀bá ilé máa kọ ọ́. Dókítà àgbà tó mọṣẹ́ àìsàn yẹn ní pàtó ló lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. NHS kì í fún ènìyàn púpọ̀, nítorí náà ọ̀pọ̀ tó ń gbà á ń lọ sí ilé ìwòsàn aládàáni, wọ́n sì ń fi owó ara wọn san án.

Oògùn tó fi ìyàtọ̀ hàn jù lójú mi ni Sativex. Ó wà fún àwọn tó ní MS, àìsàn tó ń jẹ èèpo ara iṣan ọpọlọ àti ti ọ̀pá ẹ̀yìn, tí ẹsẹ̀ wọn fi ń le gbagidi. Inú ẹnu ni wọ́n ń fín in sí. Ìfín kan ní mílígíráàmù 2.7 ti THC àti 2.5 ti CBD. Ìfín kan ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń fi kún un díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, wọn kò sì gbọdọ̀ kọjá 12 lójúmọ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, dókítà máa ń béèrè bóyá ẹsẹ̀ náà ti rọ̀ tó ìdá kan nínú márùn-ún ó kéré tán. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, wọ́n dá a dúró. Èmi kò mọ ohun tó tún fi oògùn hàn ju ìyẹn lọ: pé ọjọ́ kan wà tí wọ́n máa bi í bóyá ó ṣiṣẹ́.

Ẹ wá gbé e sí ẹ̀gbẹ́ igbó ìgboro. Ìfín 12 ti Sativex, tó jẹ́ òpin ọjọ́ kan, kò ju nǹkan bí mílígíráàmù 32 ti THC lọ. Igbó tí àwọn ọlọ́pàá gbà ní ìgboro Ìlú Ọba ní ọdún 2016 sábà máa ń ní THC nǹkan bí ìdá 14 nínú ọgọ́rùn-ún, CBD inú rẹ̀ kò sì tó nǹkan rárá. Bí ẹnì kan bá wé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá gíráàmù kan, 0.3, mílígíráàmù 42 ti THC ló wà nínú ewé yẹn. Òótọ́ ni pé púpọ̀ nínú rẹ̀ ń jóná lọ pẹ̀lú èéfín, ṣùgbọ́n ìyókù ń wọ ọpọlọ láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kì í ṣe díẹ̀díẹ̀ láti àárọ̀ dé alẹ́. Ẹni tó tà á kò mọ iye tó wà nínú rẹ̀. Ẹni tó rà á kò mọ̀. Ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ lè le ju ti ọ̀sẹ̀ yìí lọ ní ìlọ́po méjì.

Nílùú wa ní Nàìjíríà, ewu kan tún wà tó ju èyí lọ. Ohun tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní Kọlorádò kì í ṣe igbó, bó tilẹ̀ jọ ewé. Kẹ́míkà tí wọ́n ṣe nílé iṣẹ́ ni wọ́n fín sí ewé gbígbẹ lára. Ó ń yí àgádágodo CB1 yẹn tipátipá ju bí THC ṣe ń yí i lọ, ìdí sì nìyẹn tí ẹ fi ń rí ọmọkùnrin tó dúró gbagidi lẹ́bàá ọ̀nà tí kò lè sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá sọ fún yín pé "igbó lásán ni" kò mọ ohun tó ń sọ.

Mo fẹ́ sọ òótọ́ kan tí àwọn ilé ìwòsàn aládàáni kan kì í fẹ́ sọ ketekete. Òdòdó igbó tí dókítà kọ, tí wọ́n kó sínú agolo tí orúkọ yín wà lára rẹ̀, lè ní THC ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. THC inú rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti ìgboro. Ohun tó yàtọ̀ ni pé wọ́n ti wọ̀n ọ́n, wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò fún èbu àti oògùn kòkòrò, agolo yìí bá ti oṣù tó kọjá dọ́gba, òfin kò sì gbà kí wọ́n fa á bíi sìgá: inú ẹ̀rọ tó ń mú un gbóná láìjó ni wọ́n ń lò ó. Dókítà sì ti béèrè bóyá ẹnì kan nínú ìdílé yín ti ní àrùn ọpọlọ rí. Bí wọn kò bá béèrè yẹn, ẹ dìde kúrò níbẹ̀.

Ìbéèrè yẹn ṣe pàtàkì sí mi gan-an. Marta Di Forti àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ láti King's College ní Lọ́ńdọ̀nù tẹ ìwádìí kan jáde ní ọdún 2019, wọ́n ṣe é ní ibi 11. Àwọn tó ń mu igbó tí THC rẹ̀ tó ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójoojúmọ́, ewu àrùn ọpọlọ tí wọ́n wà nínú rẹ̀ sún mọ́ ìlọ́po márùn-ún ti ẹni tí kò mu ún rí. Àwọn kan wá ń rò pé bí CBD bá ti wà nínú rẹ̀, yóò pa oró THC. Ilé ẹ̀kọ́ kan náà dán èyí wò lára ènìyàn 46 tí ara wọn dá, wọ́n fún wọn ní mílígíráàmù 10 ti THC, wọ́n sì fi CBD kún un títí dé ìlọ́po mẹ́ta. Èsì tó jáde ní 2022 ni pé CBD kò gbà wọ́n. Ìrántí wọn ṣì dàrú bákan náà, ìfura àìnídìí ṣì wá.

Lójú kan ṣoṣo

| | CBD ṣọ́ọ̀bù | Oògùn oníwèé dókítà | Igbó ìgboro |
|---|---|---|---|
| Ohun tó wà nínú rẹ̀ | CBD, pẹ̀lú THC tí kò gbọdọ̀ ju mílígíráàmù 1 lọ nínú ìgò kan | CBD, THC, tàbí méjèèjì, a mọ iye rẹ̀ | THC púpọ̀, CBD díẹ̀, ẹnikẹ́ni kò mọ iye rẹ̀ |
| Ṣé ó ń pani bí ọtí? | Rárá | Bí THC bá wà nínú rẹ̀, ó lè pani | Bẹ́ẹ̀ ni |
| Ta ló ń yẹ̀ ẹ́ wò? | Ẹni tó tà á, bí ó bá fẹ́ | Ilé iṣẹ́ tí ìjọba ń ṣọ́, àti dókítà | Kò sí |
| Òfin Bìrìtéènì | Oúnjẹ ni wọ́n kà á sí | Ó bófin mu fún ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lára rẹ̀ | Oògùn olóró ìpele B, ẹ̀wọ̀n ẹni tí wọ́n bá a lọ́wọ́ rẹ̀ lè tó ọdún 5 |

Bí ẹ bá fẹ́ yàn

Àwọn òbí tí ọmọ wọn ní fòníkú-fọ̀ladìde máa ń béèrè lọ́wọ́ mi bóyá igbó lè dá ìrora egungun dúró. Mo máa ń sọ ohun tó wà nílẹ̀ fún wọn. Donald Abrams àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Kalifóníà fún àgbàlagbà 23 tó ní àìsàn náà ní igbó tí THC àti CBD inú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, fún ọjọ́ márùn-ún, wọ́n sì fún wọn ní èyí tí kò ní nǹkan nínú ní ìgbà mìíràn. Nígbà tí èsì jáde ní 2020, ìyàtọ̀ inú ìrora náà kéré débi pé wọn kò lè sọ pé igbó ló ṣe é. Ènìyàn 23 kò tó láti fi pa ọ̀rọ̀ dé, ṣùgbọ́n kò tó pẹ̀lú láti fi gbé igbó fún ọmọ.

Bí ó bá jẹ́ CBD ṣọ́ọ̀bù lẹ fẹ́ rà, tí ẹ kò lo oògùn kankan, tí ẹ kò lóyún, tí ẹ kò sì fọ́mọ lọ́mú, ẹ béèrè ìwé àyẹ̀wò ilé ìmọ̀ tó bá nọ́ńbà ara ìgò yẹn mu. Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn ni pé nígbà tí àwọn onímọ̀ ra oríṣi 84 lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ní Amẹ́ríkà tí wọ́n sì yẹ̀ wọ́n wò, 26 péré ni ohun tó wà lára wọn bá ohun tó wà nínú wọn mu. Wọ́n bá THC nínú 18. Nọ́ọ̀sì tàbí awakọ̀ bọ́ọ̀sì tí ibi iṣẹ́ rẹ̀ ń yẹ ìtọ̀ wò lè pàdánù iṣẹ́ nítorí irú ìgò bẹ́ẹ̀, kó sì máa búra pé òun kò mu igbó rí. Bí kò bá sí ìwé àyẹ̀wò, tàbí tí ìwé náà kò dárúkọ THC rárá, ẹ fi í sílẹ̀ lórí pẹpẹ.

Bí ó bá jẹ́ THC tí dókítà kọ fún yín, ọ̀rọ̀ mọ́tò ń bọ̀. Ìwọ̀n tí òfin fi lélẹ̀ fún awakọ̀ ní England àti Wales láti 2015 ni máíkírógíráàmù 2 ti THC nínú lítà ẹ̀jẹ̀ kan, ó kéré débi pé ìlò àná lè mú yín kọjá rẹ̀. Òfin gbà yín bí ẹ bá lò ó bí dókítà ṣe sọ tí ojú yín sì mọ́ kedere, nítorí náà ẹ máa gbé ìwé oògùn náà dání. Ẹ má gbé e wọ ọkọ̀ òfurufú lọ sí Èkó o. Nàìjíríà kò ka igbó sí oògùn, ìwé dókítà Lọ́ńdọ̀nù kò sì ní dá NDLEA dúró ní pápákọ̀.

Èyí tí wọ́n ń jẹ bíi súìtì ló sábà máa ń tan àgbàlagbà wa jẹ. THC tí wọ́n fà ń dé láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan. Èyí tí wọ́n jẹ lè pẹ́ tó ààbọ̀ wákàtí sí wákàtí méjì kó tó dé, torí ẹ̀dọ̀ ló kọ́kọ́ gbà á, ó sì sọ ọ́ di irú mìíràn tó le jù ú lọ. Ẹni tí kò mọ̀ yóò jẹ ọ̀kan, yóò dúró, yóò ní "kò ṣe mí ní nǹkan kan," yóò jẹ èkejì. Lẹ́yìn wákàtí méjì, méjèèjì á dé pọ̀, wọ́n sì lè má lọ fún wákàtí mẹ́jọ.

Ìyá wa padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti wá sí 2.6, apá rẹ̀ ti mọ́, wọ́n sì ti ń kọ́ ọ ní eré ìdárayá fún orúnkún. Ó fa àpò kékeré kan tó ń dán yọ, ó ní ọ̀rẹ́ òun nínú ẹgbẹ́ ìyá ìjọ ló rí i gbà láti ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ó fún òun ní díẹ̀ nítorí àìrí-oorun-sùn, ó ní irú CBD yẹn náà ni.

"Ẹ̀yin ẹ bá mi kà á, ọmọ mi. Mi ò tíì ṣí i."

Mo yí ẹ̀yìn rẹ̀ padà, mo wá ìlà kékeré tó wà nísàlẹ̀. THC, mílígíráàmù 10 nínú ẹyọ kan. Ẹyọ mẹ́wàá ló wà nínú àpò náà. Ó dúró tì mí títí mo fi gbé e sínú àpótí tí a ń kó oògùn tí a fẹ́ bàjẹ́ sí, lẹ́yìn náà ló fa fóònù yọ, ó ń pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ kí tọ̀hún tó jẹ tirẹ̀.